Ìbéèrè Tó Ń Dúró De Ẹgbẹ́ Méjèèjì: Àgbéyẹ̀wò Iyàn Lórí Ọ̀kadà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Níbi iyàn tó dá lórí òfin ìlú, ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ kan há sórí kì í sábà gbé e ṣubú. Ìbéèrè ló ń gbé e ṣubú, pàápàá èyí tí wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni ò ní bi àwọn. Àbá kan wà tó fi èyí hàn kedere fún àwa ará apá ìlà-oòrùn Èkó: "Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́." Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa jókòó gbọ́ irú iyàn bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé ọ̀kadà ló gbé wọn débẹ̀. Àwọn kan nínú wọn sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń fi í jẹun. Nítorí náà, ìbéèrè ò ní wọ́n wọn. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni irú ìbéèrè tó ń bọ̀ wá bá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti ń jáde, àti bí èèyàn ṣe lè rí i kó tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ní Èkó ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin ìrìnnà tó lé ọ̀kadà kúrò lórí ọ̀nà 475, tó sì pa á láṣẹ pé kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ máa dé akoto. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba Babájídé Sanwó-Olú lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, lára wọn Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Ẹtí-Ọ̀sà àti Àpápá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn ọlọ́kadà kan pa ọ̀dọ́kùnrin kan ní Lẹ́kì. Ìjọba wá kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ọ̀kadà ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ rárá láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, òfin náà ò bá kẹ̀kẹ́ Màrúwá wí. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fi Kọ́sọ́fẹ́, Ṣómólú, Múṣin àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kún un. Ó di mẹ́wàá nínú ogún ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Èkó. Ìkòròdú ò sí nínú mẹ́wàá náà, Ẹ̀pẹ́ náà ò sí níbẹ̀.

Inú ìtàn kúkúrú yìí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń jáde. Wọ́n á bi àwọn tó gbè àbá náà lẹ́yìn pé: "Ìjọba fúnra rẹ̀ ló dúró sí mẹ́wàá. Kí lẹ rí tí ìjọba ò rí?" Wọ́n á sì bi àwọn tó takò ó pé: "Bí ẹ̀mí ará Múṣin bá tó ohun tí à ń ṣòfin dáàbò bò, ṣé ti ará Ìkòròdú ò tó bẹ́ẹ̀ ni?" Òtítọ́ kan náà ló bí ìbéèrè méjèèjì. Ẹgbẹ́ tó bá mọ ìtàn yìí nítorí kó lè sọ ọ́ nìkan, tí kò wò ó pé wọ́n lè fi bi òun léèrè, ìdajì rẹ̀ ló mọ̀.

Oríkèé márùn-ún

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi èèyàn lórí òfin ìlú pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n oríkèé márùn-ún péré ni wọ́n ti ń yọ. Èkíní ni bí ìṣòro náà ṣe tóbi tó. Èkejì ni bóyá ohun tí a fẹ́ fòfin dè gan-an ló ń fa ìṣòro ọ̀hún. Ẹ̀kẹta ni bóyá òfin náà á ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá ṣe é. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tó máa jẹ ìyà rẹ̀, àti ohun tó máa rọ́pò ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkarùn-ún ni bóyá ọ̀nà mìíràn wà tó rọrùn ju ìyẹn lọ.

Iṣẹ́ alátìlẹ́yìn ni kó la márààrún já. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá já níbẹ̀, àbá náà lè ṣubú. Alátakò ò ní láti borí lórí márààrún, àmọ́ kò lè fi ìyẹn bojú kó má ní ohun tó ń gbè. Bó bá ti ní kí nǹkan wà bó ṣe wà, ó ti tọ́wọ́ bọ ìwé pé bó ṣe wà yẹn dára tó, wọ́n sì máa bi í léèrè lórí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa bi alátìlẹ́yìn

Orí iye ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú wọn. Nígbà tí ìjọba ń ṣàlàyé òfin ọdún 2020, ó ní láàárín ọdún 2016 sí 2019, jàǹbá ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ tí ilé-ìwòsàn ìjọba nìkan gbà lé ní 10,000, àti pé àwọn tó kú nínú èyí tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ lé ní 600. Iye yìí wúwo, kò sì sí alátìlẹ́yìn tí kò ní fẹ́ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ojú alátakò wò ó. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ló pa pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀kadà nìkan ni àbá yìí bá wí. Gbogbo Èkó ni wọ́n kà, kì í ṣe Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ọdún mẹ́rin ló kó jọ, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bí 2,500 lọ́dún. Iye náà ò sì sọ ìrìn àjò mélòó ni àwọn jàǹbá yẹn ti jáde. Ìbéèrè mẹ́rin ti wà nínú gbólóhùn kan.

Ẹni tó bá ti rí i tẹ́lẹ̀ á mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Á fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kẹ̀kẹ́ wà nínú iye náà, pé ti gbogbo ìpínlẹ̀ ni, kó tó wá fi kún un pé ilé-ìwòsàn ìjọba nìkan ni wọ́n kà. Kò kan ẹni tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, kò kan ẹni tó lọ sí ilé-ìwòsàn aládàáni, kò kan ẹni tó kú sójú ọ̀nà tí ẹbí rẹ̀ gbé lọ sin. Iye náà wá di ìpìlẹ̀ tí òótọ́ ọ̀rọ̀ ò lè kéré sí. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣí àléébù iye tirẹ̀ payá ti gba ìbéèrè náà lẹ́nu alátakò.

Lẹ́yìn iye ni ohun tó ń fa ìṣòro, ibí sì ni wọ́n ti ń mú alátìlẹ́yìn tó bá sọ̀rọ̀ nípa ààbò jù. Bó bá ní ọ̀kadà ni àwọn ọ̀daràn ń gùn, ará Ìkòròdú tó wà nínú gbọ̀ngàn á rántí Badoo, tó dáyà já ìlú ní 2016 àti 2017. Inú ilé ni wọ́n ń ká àwọn èèyàn mọ́ lóru. Ará Ẹ̀pẹ́ náà á rántí oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí àwọn ajínigbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìgbọ́nlá, tí wọ́n kó ọmọ mẹ́fà lọ. Apá irà àti odò ni wọ́n gbà, ó sì lé ní oṣù méjì kí àwọn ọmọ náà tó padà wálé. Ìbéèrè náà á wá kúrú: "Èwo nínú méjèèjì yìí ni òfin yín ì bá dá dúró?" Kò sí. Alátìlẹ́yìn tó gbọ́n á dín ọ̀rọ̀ ààbò kù sí ìjà àárín àwọn ọlọ́kadà àti ará ìlú, irú èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kì, á sì gbé ara lé jàǹbá ojú ọ̀nà.

Èyí tó le jù ni ohun tó máa rọ́pò. Bọ́ọ̀sì BRT ti dé Ìkòròdú láti Máìlì 12 láti ọdún 2015, ṣùgbọ́n ojú títì ló ń gbà. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ní Ìkòròdú tó ń lọ sí inú Ìjẹ̀dẹ́, Bàyẹ̀kú tàbí Ìmọ̀ta ṣì ní ọ̀nà níwájú. Ní Ẹ̀pẹ́, àwọn abúlé tó wà ní agbègbè Erédò àti Ìkòsì-Ẹ̀jìnrìn jìnnà síra, ọ̀nà wọn kì í sì í sábà ṣe èyí tí bọ́ọ̀sì ńlá lè wọ̀. Ẹ wo bí alátakò tó mọṣẹ́ á ṣe to ìbéèrè tirẹ̀:

"Ṣé ẹ gbà pé obìnrin tó ń ta ẹja gbọ́dọ̀ tètè dé ọjà Olúwo láàárọ̀?" Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé rárá.

"Ṣé bọ́ọ̀sì ń dé abúlé rẹ̀ lákòókò yẹn?" Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á ní kí wọ́n dárúkọ ọ̀nà tó ń gbà. Bí wọ́n bá ní rárá, ìbéèrè kẹta ti délẹ̀.

"Ṣé òfin ló máa kọ́kọ́ dé ni àbí bọ́ọ̀sì?" Bó bá jẹ́ òfin, obìnrin yẹn á fẹsẹ̀ rìn. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì, alátakò á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ohun tí àwa náà ń sọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kọ́kọ́ dé ná."

Ìdáhùn kan wà tó lè yọ alátìlẹ́yìn nínú pàkúté yìí, ìyẹn ni pé kí òfin náà máa tẹ̀ lé ara wọn ní ìpele. Kó kọ́kọ́ mú ojú títì ńlá, bí ọ̀nà Ṣágámù láti àárín Ìkòròdú dé Ọdógunyàn, níbi tí kórópe àti bọ́ọ̀sì ti wà. Kó wá mú àárín ìlú. Kí abúlé wà lẹ́yìn pátápátá, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ mìíràn bá ti ń débẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ètò yìí gbọ́dọ̀ ti wà. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde, adájọ́ á rí i bí ẹni tó ń sá.

Ohun tí wọ́n máa bi alátakò

Ọ̀pọ̀ alátakò máa ń rò pé ìbéèrè ò kan àwọn, nítorí pé àwọn kọ́ ló dábàá. Ẹ̀tàn nìyẹn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ń bọ̀ wá bá wọn ni: "Ṣé ẹ gbà pé àwọn èèyàn ń kú?" Bí wọ́n bá sẹ́ ẹ, gbogbo ẹni tó ti bá wọn gbé aláìsàn lọ sí Ìgbóbì rí á kọ̀yìn sí wọn. Bí wọ́n bá gbà á, alátìlẹ́yìn á ní: "Kí lẹ wá fẹ́ ṣe sí i?"

Èsì tó wọ́pọ̀ ni pé kí ìjọba ṣètò ọ̀kadà dípò kó lé e: kí àwọn ọlọ́kadà forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n dé akoto, kí wọ́n má gbé ju èrò kan lọ. Èsì náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè lẹ́yìn: "Òfin akoto ti wà láti ọdún 2012. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tiyín ló máa ṣiṣẹ́?"

Ibí ni iyàn náà ti di idà olójú méjì, kí ẹgbẹ́ méjèèjì ṣọ́ra. Alátakò sábà máa ń sọ pé òfin ìfidè ò lè múlẹ̀, nítorí bí àwọn agbófinró bá ti kúrò lójú títì, ọ̀kadà á padà. Bó bá ti sọ ìyẹn, kò lè sọ láàárín ìṣẹ́jú méjì pé àwọn agbófinró kan náà á máa wo akoto àti ìwé. Alátìlẹ́yìn náà tó bá ń fi òfin akoto ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ ti la ẹnu ìbéèrè sílẹ̀: bí wọn ò bá lè mú kí èèyàn dé akoto, báwo ni wọ́n á ṣe lè lé gbogbo ọ̀kadà lọ?

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn, bó bá ti múra rẹ̀ sílẹ̀. Alátìlẹ́yìn lè sọ pé òfin ìfidè rọrùn láti mójú tó: ọ̀kadà tó bá gbé èrò ti rú òfin, kò sí ìwé tí à ń yẹ̀ wò. Alátakò lè tọ́ka sí Kùtọ́nù, níbi tí àwọn sémíjáàn ti ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tó ní nọ́ńbà lára, tí ojú fi ń rí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti òkèèrè. Ó tún lè mẹ́nu ba Kìgálì ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà, níbi tí èrò ọ̀kadà pàápàá ti ń dé akoto. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé wọ́n á bi í bóyá Kùtọ́nù àti Ìkòròdú dọ́gba. Kó ti ní ohun kan tó bá ara mu nílẹ̀, kí ó má sọ pé "ibẹ̀ ń ṣe é" lásán.

Ìbéèrè kejì tí alátakò máa ń gbàgbé ni ti ààlà. Kọ́sọ́fẹ́ àti Ìkòròdú pààlà. Bí ọ̀kadà bá di èèwọ̀ ní Máìlì 12, tí kò sì sí èèwọ̀ lódìkejì Májìdùn, kí ló ń dá ọlọ́kadà tí wọ́n lé lọ́hùn-ún dúró tí kò fi ní rọ́ wá síhìn-ín? Ẹni tó ń gbèjà bí nǹkan ṣe wà gbọ́dọ̀ gbà pé bí nǹkan ṣe wà kì í dúró lójú kan.

Ìbéèrè ẹ̀tọ́ ń kọ́? Alátakò á fẹ́ fa abala 41 ìwé òfin ọdún 1999 yọ, èyí tó fún ọmọ Nàìjíríà lómìnira láti rìn káàkiri orílẹ̀-èdè. Kó ka abala 45 kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni alátìlẹ́yìn á ti dá a lóhùn: òfin tó bójú mu lè dín òmìnira náà kù nítorí ààbò tàbí ìlera ará ìlú. Bẹ́ẹ̀, òfin yìí ò ní kí ẹnikẹ́ni má rìn, ohun tó ń gùn ló bá wí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọlọ́kadà, pàápàá àwọn tó ṣì ń san owó ọ̀kadà náà díẹ̀díẹ̀ fún olówó wọn, lágbára ju ọ̀rọ̀ abala 41 lọ.

Bí a ṣe ń rí i kó tó dé

Orí àbá gan-an ni kí ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Fòfin de": ṣé tọ̀sán-tòru ni, àbí alẹ́ nìkan? "Ọ̀kadà": ṣé alùpùpù tó ń fi ẹrù jíṣẹ́ wà nínú rẹ̀? Ṣé ti ara ẹni wà níbẹ̀? "Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́": ṣé ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú àti àwọn agbègbè ìdàgbàsókè márùn-ún tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni, títí kan Ìmọ̀ta àti Ìjẹ̀dẹ́? Ṣé Agbówà wà nínú ti Ẹ̀pẹ́? Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ kò bá túmọ̀, ẹgbẹ́ kejì á bá a túmọ̀ rẹ̀, ìtumọ̀ náà ò sì ní dùn mọ́ ọn nínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹgbẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kejì kó tó kọ tirẹ̀. Kí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn jẹ́ ẹni tó máa ṣe bí ẹgbẹ́ kejì nílé, kó sì ṣe é bí ẹni tó fẹ́ borí. Bó bá ń rọra bi wọ́n, kò ṣe wọ́n lóore.

Nígbà tí wọ́n bá wá kọ ọ̀rọ̀ tiwọn tán, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta níbikíbi tí wọ́n bá wà: "gbogbo", "rárá" àti "nítorí". "Gbogbo ọlọ́kadà ló ń sáré" ń pe ìbéèrè "ṣé títí kan bàbá tó ń gbé ọmọ yín lọ síléèwé?" "Bọ́ọ̀sì ò wọ abúlé rárá" ń pe ẹni tó ti wọ̀ ọ́ lánàá. "Nítorí" ń pe "báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ló fà á?" Iye kọ̀ọ̀kan náà ní ìbéèrè mẹ́ta tirẹ̀: ta ló kà á, nígbà wo, àti níbo? Ẹni tí kò bá lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn, kó yọ iye náà kúrò.

Ìbéèrè tí a bá rí, ìdáhùn gbólóhùn méjì la máa kọ fún un, àti ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé ìdáhùn náà. Ẹni tó bá dúró síbi ìdáhùn àkọ́kọ́ ló ń bọ́ sínú irú pàkúté obìnrin ẹlẹ́ja yẹn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jiyàn tún ṣe pàtàkì. Nínú irú èyí tí àwọn yunifásítì ń lò, tí wọ́n mú wá láti Bìrìtìkó, ìṣẹ́jú méje lẹnì kan ń sọ. Àtìgbà tí ìṣẹ́jú kìíní bá ti parí títí di ìgbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan ni wọ́n lè dìde bi í léèrè, ìdáhùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kúrú kó má jẹ àkókò rẹ̀. Níléèwé girama, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni ìbéèrè sábà máa ń wá, láti ẹnu adájọ́ tàbí àwọn òǹwòran. Ìyẹn fààyè sílẹ̀ fún àlàyé, ṣùgbọ́n ó tún fààyè sílẹ̀ kí èèyàn tako ẹnìkejì rẹ̀.

Àmì méjì ló ń fi hàn pé a ò múra tó. Bí ẹni tó bi ìbéèrè bá tún un bi, a ò tíì dá a lóhùn. Bí ẹni kejì nínú ẹgbẹ́ bá sì dáhùn lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ẹni àkọ́kọ́, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà ò tíì fẹnu kò nílé. Òwe ò lè bo èyíkéyìí nínú méjèèjì mọ́lẹ̀. Alátakò á ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, alátìlẹ́yìn á ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òwe méjèèjì dùn, àmọ́ adájọ́ ò lè fún òwe ní máàkì níbi tó ti ń retí ìdáhùn.

Ìdájọ́

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ibi tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan bá ti dákẹ́ ni ìbéèrè tó máa mú un wà. Alátìlẹ́yìn máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìṣòro, á sì dákẹ́ lórí ọjọ́ kejì òfin, ìyẹn ohun tí ará Ìjẹ̀dẹ́ máa gùn. Alátakò máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ọjọ́ kejì náà, á sì dákẹ́ lórí òní, ìyẹn àwọn tó ń kú lójú ọ̀nà. Lójú tèmi, lórí àbá yìí, ẹrù alátìlẹ́yìn wúwo jù, nítorí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ò ní ọkọ̀ mìíràn lọ́pọ̀ bí Ìkẹjà àti Sùúrùlérè. Bí wọn ò bá mú ètò ìpele wá, mi ò rí bí wọ́n ṣe máa borí. Bí wọ́n bá mú un wá, alátakò tí kò ní nǹkan kan láti fi rọ́pò òfin akoto tó ti kùnà ni yóò fìdí rẹmi.